Lẹ́tà ṣíṣí sí Alfa Ará Káírò, tó fẹ́ fi èdè Íjíbítì tọ́jú gbogbo Lárúbáwá

Ọ̀rẹ́ mi, Alfa Ará Káírò,

Mo kí ọ o. Ìwọ ìbá fẹ́ kí n kí ọ ní "ísáyàkì," bí o ti ń kí gbogbo wa láti ọjọ́ tí o ti Íjíbítì dé, títí kan ìyá arúgbó tó ń ta wàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé yín n'Ílọrin. Ẹnu tèmi kò yí bẹ́ẹ̀. Àsàlámù àlékùmù tí a jọ kọ́ nílé kéú ni mo ṣì mọ̀.

Ìwé pélébé tí o fi ránṣẹ́ pé kí n bá ọ yẹ̀ wò ti dé ọwọ́ mi. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, mo tún un kà, ẹ̀rín náà sì ń dín kù bí mo ti ń kà á lọ. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ohun tí a lè sọ tán lórí fóònù, ni mo bá gbé e wá sí gbangba, kí àwọn yòókù tó ń jẹun nídìí títúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Lárúbáwá lè bá wa gbọ́ ẹjọ́ náà. Bí ojú bá tì ọ́, fara dà á. Ìwọ náà ti fi ojú tì mí rí níwájú àwọn àna mi.

Kí àwọn òǹkàwé lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: kílíníìkì kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló fẹ́ ìwé ojú ewé kan fún àwọn aláìsàn àtọ̀gbẹ tó ń sọ èdè Lárúbáwá. Ohun tí wọn yóò jẹ, ohun tí wọn yóò dín kù, bí wọn yóò ṣe lo oògùn wọn ni wọ́n fẹ́ kọ sínú rẹ̀. O mọ àwọn tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀. Ará Mòrókò wà níbẹ̀, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti fìdí kalẹ̀ sí agbègbè Gólúbọ̀ọ̀nù Róòdù tipẹ́tipẹ́. Ará Síríà tí ìjọba gbé wá lẹ́yìn 2015 wà níbẹ̀, ará Ìráàkì àti ará Sùdáànì tí ogun lé kúrò nílé wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ará Kùwéètì tó wá gba ìtọ́jú tí yóò sì padà sílé. Ará Káírò náà wà níbẹ̀, mi ò sẹ́. Wọ́n gbé Gẹ̀ẹ́sì fún ọ pé kí o bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀, ìwọ wá yíjú sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn, o ń bá a fọ̀ láti òkè ìwé délẹ̀.

Nígbà tí mo bi ọ́ léèrè, èsì rẹ ni pé, "Ta ni kò gbọ́ èdè Íjíbítì?" O sì ka ẹ̀rí sílẹ̀ bí lọ́yà. O ní láti nǹkan bí 1930 sókè ni Káírò ti ń ṣe fíìmù tí gbogbo ilẹ̀ Lárúbáwá ń wò. O ní láti 1953 ni rédíò Sáòtù Árábù ti ń ti Káírò sọ̀rọ̀ sí wọn létí. O tún mú Dísínì wọ ọ̀rọ̀ náà: nígbà tí wọ́n gbé fíìmù Ọba Kìnnìún jáde ní 1994, ohùn Káírò ni wọ́n fi sí i, Mùhámádù Hénédì ló sì sọ̀rọ̀ fún Tímọ́ọ̀nù. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ náà yí padà sí Lárúbáwá ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fíìmù ọmọbìnrin oníyìnyín ti 2013, àwọn ará Íjíbítì sì fi ariwo bọnu pé àwọn fẹ́ ohùn ilé àwọn padà. Ní 2022, Dísínì dá èdè Íjíbítì padà, wọ́n sì ṣe fíìmù Ẹ̀nkántò lọ́nà méjèèjì, ti ìwé àti ti Káírò. O parí rẹ̀ pé bí Dísínì pẹ̀lú gbogbo owó rẹ̀ bá lè gba ohun tí ìwọ ń sọ, ta ni èmi tí n kò ní gbà?

Ọ̀rẹ́ mi, òtítọ́ ni gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀, etí sì ni gbogbo rẹ̀ wà fún. Ojú ni ìwé pélébé wà fún. Ẹni tó ń wo fíìmù ń rí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò, ó sì ń rí búrẹ́dì tí wọ́n mú lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá fò ó, àwòrán yóò bá a gbé e. Ẹni tó jókòó ti bébà ní kílíníìkì kò rí ohunkóhun bí kò ṣe lẹ́tà tí a kò fi fátíhà tàbí kísírà sí, ọ̀rọ̀ tó bá fò ó ti lọ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, níbo ni wọ́n ti kọ́ ìwé kíkà? Fúsíhà ni gbogbo wọn fi kọ́ ọ, láti Kàsàbúláńkà dé Bàsírà. Bí ẹnì kan nínú wọn bá lè kàwé rárá, Fúsíhà ni ojú rẹ̀ mọ̀. Ámíyà, ìyẹn èdè tí wọ́n ń sọ nílé, kò ní àkọtọ́ tí gbogbo ènìyàn fẹnu kò sí. Wo bí wọ́n ṣe ń sọ "nísinsìnyí." Ará Káírò ní "dílíwàtì," ará Síríà ní "hálà," ará Ìráàkì ní "hásà," ará Kùwéètì ní "álíhíìnì," ará Tùnísíà ní "táwà," ará Mòrókò ní "dábà." Bí o bá kọ ti Káírò sílẹ̀, lẹ́tà káàfù tó wà nínú rẹ̀ lójú ìwé kò sí lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́. Ará Mòrókò tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nínú fíìmù ní àìmọye ìgbà lè máà dá a mọ̀ nígbà tó bá rí i lórí bébà. Bí o bá kọ "álíáànì" ti Fúsíhà, kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ nílé, kò sì sí ẹni tó ti lọ sílé ìwé tí kò ní kà á.

Níwọ̀n ìgbà tí o sì máa ń fi Úmù Kúlùtúmù búra, jẹ́ kí n fi òun náà dá ọ lóhùn. Ní 1964 ó kọ "Íńtà Úmírì" ní èdè Káírò. Ní 1966 ó kọ "Álíàtúláàlì," ewì Ìbúráhíìmù Nájì, Fúsíhà pọ́ńbélé sì ni. Ẹnu kan náà, ilẹ̀ Lárúbáwá kan náà. Ó mọ ìgbà tó yẹ kó dé fìlà àti ìgbà tó yẹ kó wé gèlè. Ìwọ wá dé fìlà sùn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan tó ń ka lẹ́tà yìí yóò ní kí ló le níbẹ̀, ṣebí bí Yorùbá àjùmọ̀lò àti Ìjẹ̀ṣà tàbí Ìjẹ̀bú ló rí. Ó jọ ọ́ díẹ̀, àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà tó ba àfiwé náà jẹ́. Ọmọ wà nílẹ̀ Yorùbá tó jẹ́ pé Yorùbá àjùmọ̀lò gan-an ló bá lẹ́nu ìyá rẹ̀. Kò sí àdúgbò kan ní gbogbo ilẹ̀ Lárúbáwá tí ìyá ti ń fi Fúsíhà rẹ ọmọ lẹ́kún. Nítorí náà, Fúsíhà kò fì sí ilé ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ sì ni agbára rẹ̀ wà fún iṣẹ́ tiwa yìí: kò sẹ́ni tí yóò kà á tí yóò sọ pé ìwé àwọn ará ìhà kejì ni. Àléébù rẹ̀ náà kò jìnnà síbẹ̀. Ó lè tutù jù, ó lè ga jù, kò sì mọ ohun tó wà nínú ìsaasùn. A óò dé ibẹ̀.

Ó yá, jẹ́ ká gbé ìwé rẹ sílẹ̀ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Gbólóhùn mẹ́rin péré ni mo mú nínú rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ sọ pé kí aláìsàn dín búrẹ́dì, ìrẹsì àti ànàmọ́ òyìnbó kù. Ìwọ kọ "éèṣì" fún búrẹ́dì, "rúsù" fún ìrẹsì, "bàtátísì" fún ànàmọ́ òyìnbó. Ní Káírò, kò sí ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ará Kùwéètì, ìrẹsì ni éèṣì. Ohun tó kà ni pé kó dín ìrẹsì kù, kó sì tún dín ìrẹsì kù. Búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ dókítà, baba náà yóò sì máa fi búrẹ́dì rọ́pò ìrẹsì tó pa tì, tí ṣúgà ara rẹ̀ kò ní sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó fi ojú Fúsíhà kà á tún yàtọ̀: níbẹ̀, ayé tí ènìyàn ń gbé ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. O ti ní kí aláìsàn dín ayé tó ń jẹ kù, Alfa.

Ẹ̀kejì: kó mu mílíìkì tí ọ̀rá rẹ̀ kéré, tàbí kó jẹ yọ́gọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà. O kọ "lábánì" fún mílíìkì àti "sàbádì" fún yọ́gọ́ọ̀tì. Ará Síríà àti ará Ìráàkì rí lábánì, yọ́gọ́ọ̀tì ni wọ́n rí. Ará Kùwéètì àti ará Mòrókò rí i, wàrà kíkan tí a ń mu ni wọ́n rí. Nínú gbogbo wọn, ará Íjíbítì àti ará Sùdáànì nìkan ló máa fi mílíìkì ọlọ́ràá sílẹ̀. Àwọn yòókù yóò máa da hàlíbù ọlọ́ràá sínú tíì wọn lọ ní tiwọn, nítorí kò sẹ́ni tó bá wọn dárúkọ hàlíbù.

Ẹ̀kẹta: kó máa jẹ èso níwọ̀nba, bíi píìṣì àti wọtamẹ́lọ̀nù. O kọ "kóòkù" àti "bàtíìkì." Kóòkù jẹ́ píìṣì ní Íjíbítì, ní Síríà èso pọ́lọ́ọ̀mù ni, dùráàkì ni wọ́n ń pe píìṣì. Bàtíìkì jẹ́ wọtamẹ́lọ̀nù ní Íjíbítì. Ní Ìráàkì àti Mòrókò, mẹ́lọ̀nù kejì ni, èyí tí inú rẹ̀ kì í pupa. Wọtamẹ́lọ̀nù, "rágì" ni ará Ìráàkì ń pè é, "dèláà" ni ti ará Mòrókò. Ìyá ará Bàgúdáàdì tó gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu yóò ṣọ́ra fún mẹ́lọ̀nù, yóò sì jókòó ti odidi ìdajì wọtamẹ́lọ̀nù lọ́sàn-án, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Gẹ̀ẹ́sì ní kí aláìsàn má ṣe dá oògùn dúró bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ ti dá. Ìwọ kọ pé kódà bó bá "mábúsúùtù." Ní Káírò, ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn, tí ara tù ú, ló mábúsúùtù. Ní Ìráàkì, ẹni tí wọ́n lù ni. Ìwé rẹ ń sọ fún ará Bàgúdáàdì pé kódà bí wọ́n bá nà án, kó má gbàgbé oògùn rẹ̀. Ìmọ̀ràn tó dára ni, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Nísàlẹ̀ ìwé, o tún fi ẹnu ará Síríà ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run fún wọn ní áfíyà. O rò pé o ti ṣe ohun tó kan gbogbo wọn, àti àwa náà pàápàá, nítorí inú ọ̀rọ̀ yẹn ni àlàáfíà wa ti wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni iná ni áfíyà lẹ́nu ará Mòrókò. Ṣé ìwọ náà ti rí i báyìí? Àdúrà iná lo ṣe fún àwọn ará Gólúbọ̀ọ̀nù Róòdù.

O máa sọ pé wọn kò ya òmùgọ̀, pé ará Mòrókò mọ̀ dájú pé kílíníìkì kò ní ṣépè fún òun. Òtítọ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì tún un ṣe lọ́kàn ara wọn. Àṣìṣe tó ń pa ni lẹ́rìn-ín kì í ṣe ewu, nítorí ó ń fi ara rẹ̀ hàn. Èyí tó léwu ni lábánì àti bàtíìkì, tí ẹni tó ṣì wọ́n kà kò ní mọ̀ pé òun ṣì wọ́n kà. Gbólóhùn náà dán mọ́rán, oúnjẹ gidi ni wọ́n dárúkọ, kò sí ohun tó máa mú un béèrè. Bí o bá fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí o bẹ̀rù nínú iṣẹ́ rẹ, wá ọ̀rọ̀ tó wà níbi gbogbo tó sì ń yí ìtumọ̀ padà láti ibì kan sí ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ tí wọn kò mọ̀ rí rárá sàn jù ú lọ, nítorí wọn yóò bi nọ́ọ̀sì.

Má tíì máa rò pé mo fẹ́ lé ọ padà sí Fúsíhà tí a kọ́ lọ́mọdé. Mo rántí bí o ṣe kọ́kọ́ dé Káírò. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún wa bí o ṣe dúró níwájú ìyá olótòmáàtì, tí o fi gbogbo ìparí ọ̀rọ̀ sí ibi tó yẹ, tí o ń béèrè iye owó ẹrù rẹ̀ bí ẹni tó ń ka kútúbà ọjọ́ Jímọ̀, tí ìyá náà sì ké sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo ọkùnrin tó jáde láti inú fíìmù àwọn Àbásì. Ibẹ̀ ni Fúsíhà ti sú ọ. Ṣùgbọ́n Fúsíhà kútúbà ló sú ọ, ìyẹn kì í sì í ṣe gbogbo Fúsíhà.

Kéú pàápàá lè tan ni jẹ nínú iṣẹ́ yìí. Bí mo bá ní kí ọmọ ilé kéú kan túmọ̀ mílíìkì, lábánì ni yóò kọ́kọ́ sáré wá sí i lẹ́nu, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú Súrátù Náhílì, mílíìkì ni ó sì jẹ́ níbẹ̀. Kò jẹ̀bi gírámà, kò jẹ̀bi ìwé. Síbẹ̀, inú kòtò kan náà tí ará Káírò jìn sí ni yóò jìn sí. Nítorí náà, kí a sọ pé "Fúsíhà ni" kò tíì parí iṣẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Sàíídì Bádáwì, tó kọ́ni ní Yunifásítì Amẹ́ríkà tó wà ní Káírò tí o fẹ́ràn yìí, gbé ìwé kan jáde ní 1973, níbi tó ti pín Lárúbáwá tí wọ́n ń lò ní Íjíbítì sí ìpele márùn-ún. Fúsíhà àtijọ́ ló wà lókè, Fúsíhà òde òní tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni Ámíyà àwọn ọ̀mọ̀wé, Ámíyà àwọn tó lajú, àti Ámíyà àwọn tí kò kàwé. Ohun tó fi yé wa ni pé kò sí ògiri láàárín wọn, àwọn ènìyàn ń lọ wọ́n ń bọ̀ nínú gbólóhùn kan náà. Ìpele kìíní ni o lò nígbà tí o dé Káírò, ìpele kẹrin lo kọ ìwé pélébé yìí sí. Ìpele kejì ni kílíníìkì ń wá, kí o sì dúró sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ tó kọjú sí ìkẹta.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. Gírámà gbólóhùn, Fúsíhà ni. Nínú Fúsíhà náà, bí ọ̀rọ̀ méjì bá wà fún ohun kan, èyí tó ṣì wà láàyè lẹ́nu àwọn ènìyàn ni mo ń mú. Ìwé ìjọba fẹ́ràn láti sọ pé kí aláìsàn "tànáwálà" oògùn. Kí ló dé tí o kò ní sọ pé "kúdù," mú un, nígbà tó jẹ́ pé ará Mòrókò, ará Síríà àti ará Íjíbítì ló ń lò ó nílé pẹ̀lú ìyàtọ̀ díẹ̀ lẹ́nu? "Dáwáù" fún oògùn, "yáòmù" fún ọjọ́, "ákálà" fún jíjẹ, "ṣáríbà" fún mímu: gbogbo wọn jẹ́ Fúsíhà, gbogbo wọn sì ní ìbátan nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn tí a bá fi irú wọn hun kò ní dún bíi kútúbà, kò sì ní dún bíi Káírò.

Orúkọ oúnjẹ ni iṣẹ́ gidi wà. Búrẹ́dì, "kúbúsù" ni, ará Íjíbítì kì í sọ ọ́ nílé ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n. Mílíìkì, hàlíbù ni, fún ìdí kan náà. Yọ́gọ́ọ̀tì kò ní orúkọ kan tó kárí, nítorí náà kọ orúkọ méjì, sàbádì kí o sì fi "yágúùtù" tí àwọn ará Mòrókò mọ̀ sínú àkámọ́, kí ẹni tó ń tẹ ìwé sì ya àwòrán ike kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ànàmọ́ òyìnbó náà, kọ bàtátísì àti bàtátà pọ̀. Ànàmọ́ dídùn ni bàtátà lẹ́nu ará Íjíbítì, àmọ́ bó bá dín ìyẹn náà kù, kò sí ohun tó ṣe é. Bí ó bá di wọtamẹ́lọ̀nù, fi àwọ̀ kún un: bàtíìkì pupa, ó ti tán, kò sẹ́ni tí yóò mú mẹ́lọ̀nù kejì dípò rẹ̀. Píìṣì ni kò ní oògùn. Kọ̀wé sí kílíníìkì pé àpẹẹrẹ lásán ni píìṣì, ṣé o lè fi èso àjàrà rọ́pò rẹ̀? "Ínábù" ni wọ́n ń pè é níbi gbogbo. Atúmọ̀ èdè tí kò bá lè béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gbéṣẹ́ fún un yóò máa fi ọgbọ́n ṣe ohun tó yẹ kó fi ẹnu ṣe.

Nǹkan méjì mìíràn wà tí o kò kíyè sí, tí wọ́n sì lè ṣe ìpalára ju mábúsúùtù lọ. Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà. O fi nọ́ńbà ìhà ìlà oòrùn kọ ìwọ̀n oògùn mẹtifọ́ọ́mìnì, 500 mílígíráàmù. Nínú irú nọ́ńbà yẹn, bí òdo ni márùn-ún ṣe rí, àmì tóótó lásán sì ni òdo. Ará Mòrókò, tó jẹ́ pé irú nọ́ńbà tí àwa náà ń lò ni wọ́n fi kọ́ ọ nílé ìwé, yóò rí òdo kan pẹ̀lú tóótó méjì. Irú tiwa ni kí o lò. Gbogbo wọn ń rí i lójoojúmọ́ lára bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ́ọ̀nù, òun náà ló sì wà lára páálí oògùn wọn.

Èkejì ni oṣù. Oṣù Keje nínú lẹ́tà ìpàdé dókítà tó bá ìwé náà wá, "yúlíyù" ni o kọ. Ará Síríà àti ará Ìráàkì ń pè é ní "támúùsù," ará Mòrókò ní "yúlíyúùsù," ará Àlùjíríà ní "júwílíyà." Oṣù Kẹfà, "yúníyù," sì tún wà nítòsí tí lẹ́tà kan ṣoṣo fi yàtọ̀ sí i, tó jẹ́ pé bí ẹni tó ń tẹ̀wé bá ṣe àṣìṣe kékeré, aláìsàn yóò ti pẹ́ oṣù kan. Ṣe bí àwọn ilé ìròyìn ṣe ń ṣe: kọ yúlíyù, fa ìlà kan, kọ támúùsù tì í, kí o sì fi nọ́ńbà ọjọ́ àti oṣù náà sí i.

Lẹ́yìn tí o bá ti ṣe gbogbo èyí, má fi ránṣẹ́ sí mi mọ́. Fi fún ará Mòrókò kan, ará Ìráàkì kan, ará Síríà kan, ará Sùdáànì kan, àwọn tí kì í ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀. Má ṣe bi wọ́n pé, "Ṣé ó yé yín?" Bẹ́ẹ̀ ni ni gbogbo wọn yóò sọ, nítorí kò sí àgbàlagbà tó fẹ́ sọ pé Lárúbáwá kò yé òun. Bi wọ́n pé kí ni wọn yóò yọ kúrò nínú fíríìjì lónìí, kí ni wọn yóò rà lọ́jà lọ́la, hóró oògùn mélòó ni wọn yóò lò, ọjọ́ wo ni wọn yóò padà wá. Jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ tọ́ka sí ohun náà gan-an. Níbi tí ọwọ́ wọn bá ti lọ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ kù sí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé tìrẹ yìí sì ní ju yàrá kan lọ.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ gbà fún ọ, kí o má bàa sọ pé mo kàn fẹ́ ṣẹ́gun. Àwọn kan wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn tí kò sí ìwé tí a lè kọ fún wọn. Ìyá ará Mòrókò tí kò lọ sílé ìwé rí kò lè ka Fúsíhà mi, kò sì lè ka Dáríjà tí a bá kọ sílẹ̀, nítorí inú Fúsíhà ni wọn ì bá ti kọ́ ọ ní lẹ́tà. Bí a bá túmọ̀ ìwé náà sí èdè àdúgbò nítorí tirẹ̀, a ti pàdánù àwọn tó lè kà, a kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ òun. Ohùn ló yẹ ẹ́: kí a gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kí a fi ránṣẹ́ sórí Wásáàpù ọmọ rẹ̀. Níbẹ̀, èdè ilé ló ni ipò, kí ẹnì kan má sì ka Fúsíhà sí i létí. Fún ìyẹn, ohùn kan kò ní tó. Dáríjà fún òun, Ìráàkì fún ìyá ará Bàgúdáàdì, ti Sùdáànì fún ará Kàtúúmù.

Bí wọ́n bá wá dé orí ti Íjíbítì, èmi fúnra mi ni yóò dárúkọ rẹ fún wọn. Jókòó síwájú ẹ̀rọ, tú ahọ́n sílẹ̀, pe búrẹ́dì ní éèṣì, pe mílíìkì ní lábánì, kí o sì mábúsúùtù débi tó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n kí ìwé pélébé tí a tún kọ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ kílíníìkì kó tó di Ọjọ́ Ajé, pẹ̀lú hàlíbù nínú rẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
tí ẹnu rẹ̀ kò yí sí ísáyàkì.